Adójútòfò ọjà: Kí ló wà nínú ṣẹ́dúùlù tó yẹ kí o kà kí o tó san owó?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ọkọ̀ agbépo kan gbiná ní Upper Iweka nílùú Onitsha, ìpínlẹ̀ Anambra. Iná náà ràn dé ọjà Ochanja, ó jó ìsọ̀ àti ilé, ó sì gba ẹ̀mí. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, ọjà Sabon Gari nílùú Kano ti jó. Nígbà tó di ọdún 2023, ó kan Monday Market ní Maiduguri.

Lẹ́yìn irú iná báyìí, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè ni pé mélòó nínú àwọn oníṣòwò náà ló ní adójútòfò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í sábà béèrè: àwọn tó ní in, kí ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún wọn?

Èèyàn lè san owó lọ́dọọdún, kó tọ́jú rísíìtì rẹ̀, kí iná jó ìsọ̀ rẹ̀, kí iléeṣẹ́ adójútòfò sì sọ fún un pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò sí nínú àdéhùn wọn. Nígbà míì, iléeṣẹ́ náà kò parọ́. Ó wà nínú ìwé. Oníṣòwò náà ni kò rí i kó tó sanwó.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi oníṣòwò kan tó ń ta aṣọ ọmọdé nínú ọjà kan ní Onitsha ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ṣùgbọ́n irú ìwé tí wọ́n gbé fún un ni irú èyí tí wọ́n máa gbé fún ìwọ náà, yálà Jos lo wà, Port Harcourt tàbí Ìbàdàn.

Ìwé méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Ohun tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́dúùlù kì í ju ojú ìwé kan tàbí méjì lọ. Òun ni wọ́n tẹ orúkọ rẹ sí. Ó máa sọ àdírẹ́sì ìsọ̀ rẹ, irú òwò tí ò ń ṣe, ọjọ́ tí adójútòfò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, iye tí wọ́n dá lé ọjà rẹ, irú ewu tí wọ́n gbà láti bá ọ ru, àti iye owó tí wàá san.

Ìwé kejì nípọn ju ìyẹn lọ. Òun ni ìwé pọ́lísì fúnra rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ bákan náà fún gbogbo oníbàárà tó bá ra irú adójútòfò kan náà. Ibẹ̀ ni àlàyé wà lórí ohun tí iléeṣẹ́ náà yóò san owó lé, ohun tí kò ní san owó lé, àti ohun tí ìwọ gbọ́dọ̀ máa ṣe.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ṣẹ́dúùlù nìkan ni ajẹ́ntì sábà máa ń fi han èèyàn. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wàá rí ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní orúkọ lásán: wọ́rántì agolo apaná, wọ́rántì ìwé ọjà, áfíréèjì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àlàyé kankan níwájú wọn. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn dárúkọ ìwé fún ọ tí kò sì ṣí i. Àlàyé wọn wà nínú ìwé kejì, tàbí nínú ìwé kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn. Orúkọ yẹn nìkan sì ti tó láti dè ọ́.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o béèrè fún ìwé méjèèjì kí o tó sanwó. O lè béèrè fún àwòkọ ṣẹ́dúùlù tí wọn kò tíì fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìwé pọ́lísì àti àlàyé gbogbo wọ́rántì tí wọ́n dárúkọ. Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀ fún iléeṣẹ́ tó bá ṣetán, torí pé inú kọ̀ǹpútà wọn ló wà. Bí ajẹ́ntì bá ní lẹ́yìn tí o bá sanwó tán ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, dúró ná.

Ìdí tí àsìkò yìí fi ṣe pàtàkì ni pé owó ló ń so àdéhùn náà pọ̀. Òfin adójútòfò Nàìjíríà ti ọdún 2003 sọ pé láìsí owó, kò sí adójútòfò, àjọ NAICOM tó ń mójú tó iléeṣẹ́ wọ̀nyí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ líle mú ìlànà náà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2013. Bí o kò bá tíì sanwó, kò sí ẹni tó ń bá ọ ru ewu. Ṣùgbọ́n bí o bá ti san án, ohun tó wà nínú ìwé náà ni o ti rà, kì í ṣe ohun tí ajẹ́ntì fi ẹnu sọ.

Ewu tí wọn kò dárúkọ

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oníṣòwò wa ní Onitsha. Nínú ṣẹ́dúùlù rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé pọ́lísì iná ni. Ó rò pé ọjà òun ti wà lábẹ́ ààbò nìyẹn.

Pọ́lísì iná lásán kì í kọjá nǹkan mẹ́ta: iná, ààrá, àti irú ìbúgbàmù kan tó kéré, bíi ti gáàsì tí wọ́n fi ń dáná nílé. Ó tán. Kì í ṣe pé wọ́n ní láti kọ ọ́ gbangba pé àwọn kò ní san owó omíyalé. Pé wọn kò dárúkọ rẹ̀ nìkan ti tó láti yọ ọ́ kúrò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n kọ àwọn ewu sí ló yẹ kí o kọ́kọ́ kà, kí o sì máa wo ohun tí kò sí níbẹ̀ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ.

Onitsha wà létí odò Ọya. Ní ọdún 2022 tí omíyalé ṣọṣẹ́ jákèjádò Nàìjíríà, tó sì pa èèyàn tó ju 600 lọ, Anambra wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Alau ya, omi sì bo apá tó pọ̀ nínú Maiduguri. Oníṣòwò tó ní pọ́lísì iná nìkan nírú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan kan láti gbà, bó ti wù kí ó pẹ́ tó tó ti ń sanwó.

Ohun tó máa béèrè fún ni àfikún tí wọ́n ń pè ní ewu àkànṣe. Inú rẹ̀ ni omíyalé, ìjì, ọkọ̀ tó ya wọ ìsọ̀, ọ̀pá omi tó bẹ́, rògbòdìyàn àti ìyanṣẹ́lódì máa ń wà. Owó díẹ̀ ni wọ́n máa fi kún ohun tó fẹ́ san. Ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra: iléeṣẹ́ lè fún un ní àfikún náà kó sì yọ omíyalé kúrò nínú rẹ̀ torí pé ó wà létí odò. Kó ka orúkọ ewu kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka rẹ̀.

Rògbòdìyàn gan-an ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Ká ní àwọn jàǹdùkú ya wọ ọjà nígbà ìjà, tí wọ́n sì sọ iná sí ìsọ̀. Iná ló jó ọjà náà, àbí? Oníṣòwò á sọ pé pọ́lísì iná ni òun ní. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àyọkúrò pọ́lísì iná, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé àwọn kò ní san owó òfò tí rògbòdìyàn, ogun tàbí ọ̀tẹ̀ bá fà. Orísun iná náà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iná nìkan. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, tí wọ́n kó ọjà tí wọ́n sì dáná sun ilé ní ọ̀pọ̀ ìlú, ohun tó ya ẹni tó rí owó gbà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i ni ìlà kan ṣoṣo nínú ṣẹ́dúùlù: bóyá wọ́n dárúkọ rògbòdìyàn níbẹ̀ tàbí wọn kò dárúkọ rẹ̀.

Olè náà kò sí nínú pọ́lísì iná. Pọ́lísì fún ìfọ́lé wà lọ́tọ̀, òun náà sì ní ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí o wá jáde nínú rẹ̀: ohun tí wọ́n máa san owó lé ni olè tó fi agídí wọlé tàbí tó fi agídí jáde. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ fọ́, tàbí kí kọ́kọ́rọ́ já, tàbí kí àjà ya. Bí ọmọ ọjà rẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ìsọ̀ lóru tó sì kó ẹrù lọ, tàbí tí o ka ọjà lópin oṣù tí o rí i pé ó dín, ìyẹn kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Àyọkúrò kan tún wà tó ń bá àwọn ọlọ́jà Nàìjíríà jà ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ. Inú ìwé pọ́lísì ló máa ń wà, kì í sí nínú ṣẹ́dúùlù. Ó sọ pé àwọn kò ní san owó ọjà tí kì í ṣe tìrẹ, tó kàn wà lọ́wọ́ rẹ fún títà tàbí fún ìtọ́jú, àyàfi bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Ronú nípa bí a ṣe ń ṣòwò. Oníṣòwò wa gba aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó kó o wọ̀lú, pé tóun bá tà á òun á san owó, tóun kò bá tà á òun á dá a padà. Ìdajì ohun tó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ télọ̀ tí aṣọ oníbàárà kún ìsọ̀ rẹ̀ rí bákan náà, àti ti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Owó tútù, ìwé ẹ̀rí àti ìwé àkọsílẹ̀ òwò náà wà lára ohun tí wọ́n máa ń yọ kúrò.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn bí o bá tètè rí i. Gbólóhùn kan ni wọ́n máa kọ sínú ṣẹ́dúùlù, níbi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe ọjà: pé ó kan ọjà tìrẹ àti ọjà ẹlòmíì tó wà ní ìkáwọ́ rẹ.

Fún àwọn tó ń ra oúnjẹ oko pamọ́, bíi ẹ̀wà tàbí yànmọ̀tí ní Kano, wọ́n tún máa ń yọ ọjà tó fúnra rẹ̀ gbóná títí tó fi gbiná kúrò. Ẹni tó ń yan ẹja náà ní láti béèrè nípa ẹrù tó jó lórí iná tí wọ́n fi ń yan án.

Májẹ̀mú yàtọ̀ sí àyọkúrò

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni pé àyọkúrò ń sọ pé àwọn kò bá ọ ru ewu yìí, ohun yòówù kí o ṣe. Májẹ̀mú ń sọ pé àwọn gbà láti bá ọ rù ú, bí o bá ń ṣe báyìí báyìí. Èkejì ló léwu jù lójú tèmi, torí pé o lè ka ìwé rẹ dáadáa lónìí, kí o sì pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ ní oṣù mẹ́jọ sí i láìmọ̀.

Wọ́rántì ni èyí tó le jù lára májẹ̀mú. Ìlérí ni, ìwọ lo sì ṣe é. Mú wọ́rántì agolo apaná. Ó máa ń sọ pé kí agolo apaná wà nínú ìsọ̀, kó sì máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí adójútòfò bá wà lójú iṣẹ́. Oníṣòwò wa ra agolo kan ní ọjọ́ tí wọ́n wá yẹ ìsọ̀ rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọdún kan, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ti kọjá, ọwọ́ ìwọ̀n rẹ̀ sì ti kúrò lórí àwọ̀ ewé. Ẹni tí iléeṣẹ́ bá rán wá lẹ́yìn iná máa wá agolo yẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ eérú ló kù, yóò sì béèrè rísíìtì àyẹ̀wò rẹ̀.

Wọ́rántì ìwé ọjà tún burú sí i. Ó ní kí o máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀, kí o sì máa tọ́jú ìwé náà síbòmíì lóru, tàbí sínú àpótí irin tí iná kò lè jó. Mélòó nínú wa ló ń gbé ìwé ọjà lọ sílé? Abẹ́ tábìlì nínú ìsọ̀ ló máa ń wà. Bí iná bá jó, ó jó pẹ̀lú ọjà, kò sì sí ohun tí oníṣòwò máa fi hàn pé ọjà tóun ní tó iye tóun ń sọ. Òfò méjì ló bá lẹ́ẹ̀kan náà: ó ti rú wọ́rántì, kò sì ní ẹ̀rí. Bí o bá jẹ́ ẹni tó ń ya àwòrán ìwé rẹ sórí fóònù, béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà bóyá wọ́n gbà á, kí o sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ.

Àwọn míì tó wọ́pọ̀ ni pé kí o má tọ́jú epo bẹntiróòlù tàbí gáàsì sínú ìsọ̀, kí o pa iná mànàmáná kí o tó lọ sílé, kí o sì gbé ọjà kúrò lórí ilẹ̀ sórí pákó torí omi. Èyí àkọ́kọ́ ni kí o rò dáadáa bí o bá ń lo jẹnẹrétọ̀. Kéègì epo kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ti tó láti dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Òfin ọdún 2003 gbìyànjú láti dín agbára wọ́rántì kù. Ó ní bí ohun tí o rú kò bá kan ewu tàbí òfò tó ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ kò lè gùn lé e láti má sanwó. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí òfin adójútòfò tuntun tó gba ipò ti 2003. Yálà ti àtijọ́ tàbí ti ìsinsìnyí, ilé ẹjọ́ ni èèyàn ti ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn, oníṣòwò tí ìsọ̀ rẹ̀ jó kì í sì ní ọdún mẹ́ta láti fi dúró de adájọ́. Ó rọrùn jù láti kọ wọ́rántì tí o kò lè pa mọ́ nígbà tí o kò tíì sanwó.

Májẹ̀mú tó kù wà nínú ìwé tó nípọn. Wá ibi tí wọ́n ti sọ nípa ìyípadà. Wọ́n máa ń kọ ọ́ níbẹ̀ pé adójútòfò dáwọ́ dúró bí o bá kó ọjà lọ síbòmíì tí kò sí nínú ṣẹ́dúùlù, bí o bá yí irú òwò rẹ padà, tàbí bí ìsọ̀ bá wà ní títì fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, àyàfi bí o bá kọ́kọ́ sọ fún wọn tí wọ́n sì gbà. Oníṣòwò wa gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà fún ẹrù ọdún Kérésìmesì. Àdírẹ́sì yàrá yẹn kò sí nínú ṣẹ́dúùlù rẹ̀. Aṣọ tó wà níbẹ̀ kò ní adójútòfò kankan.

Wo ọjọ́ tí wọ́n fún ọ láti fi tó wọn létí pẹ̀lú. Wọ́n sábà máa ń sọ pé kí o sọ fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí o sì kó àlàyé kíkún wá ní ìwé láàárín ọjọ́ 15 tàbí 30. Ìwé rẹ ló máa sọ èyí tó jẹ́ tìrẹ.

Ìṣirò tó ń gé owó sí méjì

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ṣẹ́dúùlù tí ojú máa ń fò: áfíréèjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí iye tí o fi adójútòfò sí bá kéré sí iye tí ọjà rẹ tó gan-an, ìwọ náà yóò ru nínú òfò náà ní ìwọ̀n tí o kò sanwó lé.

Ká ní ọjà tó wà nínú ìsọ̀ oníṣòwò wa tó mílíọ̀nù 20 náírà. Ó fẹ́ dín owó tó máa san kù, ó wá sọ pé mílíọ̀nù 8 ni kí wọ́n kọ. Èrò rẹ̀ ni pé bí iná bá jó, ó kéré tán òun á rí mílíọ̀nù 8 gbà.

Iná jó apá kan ìsọ̀ náà, ọjà mílíọ̀nù 10 sì bàjẹ́. Iléeṣẹ́ kò ní san mílíọ̀nù 10. Kò ní san mílíọ̀nù 8 náà. Ohun tí wọ́n máa ṣe ni pé wọ́n á fi mílíọ̀nù 8 wé mílíọ̀nù 20, wọ́n á rí i pé ìdá méjì nínú márùn-ún ọjà rẹ̀ ló sanwó lé. Ìdá méjì nínú márùn-ún òfò náà ni wọ́n sì máa san, ìyẹn mílíọ̀nù 4.

Kò tíì tán. Ṣẹ́dúùlù tún ní ìlà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́kísẹ́ẹ̀sì, ìyẹn apá òfò tí oníbàárà gbọ́dọ̀ fi ara mọ́. Ká ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó òfò ni, tàbí ₦100,000, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀. Ìdá mẹ́wàá mílíọ̀nù 4 jẹ́ ₦400,000. Ohun tó máa wọ ọwọ́ rẹ̀ ni ₦3,600,000, lórí òfò mílíọ̀nù 10.

Ká wá wo owó tó fi pa mọ́. Ká ní kọ́bọ̀ 25 ni wọ́n ń gbà lórí náírà 100 kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Lórí mílíọ̀nù 8, ó san ₦20,000. Lórí mílíọ̀nù 20, ìbá san ₦50,000. Ká ní ó ti san ₦50,000 yẹn ni, mílíọ̀nù 10 ni wọn ìbá ṣírò, wọ́n á yọ mílíọ̀nù 1 ẹ́kísẹ́ẹ̀sì, yóò sì gba mílíọ̀nù 9. Nítorí ₦30,000, ó pàdánù ₦5,400,000.

Kì í ṣe ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dín iye kù nìkan ni èyí ń bá. Bí ọjà ṣe ń gbówó lórí ní Nàìjíríà, iye tó péye ní oṣù Kìíní lè ti kéré nígbà tó bá di oṣù Kọkànlá, pàápàá fún ẹni tó ń kó ẹrù pọ̀ fún ọdún. Béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bóyá wọ́n lè kọ ọ́ pé àwọn gba ìyàtọ̀ tí kò bá ju ìwọ̀n kan lọ, kí o sì kọ̀wé sí wọn bí ọjà rẹ bá pọ̀ sí i láàárín ọdún.

Fọ́ọ̀mù tí o fọwọ́ sí

Gbogbo ohun tó wà nínú ṣẹ́dúùlù, orí fọ́ọ̀mù tí o kọ́kọ́ kún ló ti jáde. Ajẹ́ntì tó ń yára lè sọ pé kí o kàn fọwọ́ sí i, òun á bá ọ kún èyí tó kù. Má gbà. Òfin ọdún 2003, tí ti ọdún 2025 ti gba ipò rẹ̀, ní kí iléeṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí iwájú fọ́ọ̀mù náà pé ajẹ́ntì tó bá bá oníbàárà kún un, aṣojú oníbàárà ló jẹ́ nínú ìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ó bá kọ ọ́ pé ògiri búlọ́ọ̀kù ni ìsọ̀ rẹ, tó sì jẹ́ pákó, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ló jẹ́ lójú òfin. Ya àwòrán fọ́ọ̀mù náà lẹ́yìn tí o bá kún un tán kí o tó dá a padà.

Ní Benin àti Togo, àti àwọn orílẹ̀-èdè míì tó ń lo òfin adójútòfò àpapọ̀ CIMA, òfin náà fi nǹkan kan kún un tó wù mí kó wà níbi gbogbo: bí iléeṣẹ́ kò bá fi lẹ́tà tó hàn gbangba kọ àyọkúrò sínú ìwé, àyọkúrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Oníṣòwò ní Cotonou tó ń ka pọ́lísì rẹ̀ lè wá ibi tí lẹ́tà ti nípọn tàbí tí ó tóbi. Ní Nàìjíríà, má retí pé kí lẹ́tà ràn ọ́ lọ́wọ́. Ka gbogbo rẹ̀, tàbí kí o wá ẹni tó máa bá ọ kà á.

Lẹ́yìn kíkà, ohun tí oníṣòwò wa máa ṣe ni láti kọ lẹ́tà kan sí iléeṣẹ́ náà, orí ímeèlì sàn jù, kó sì fi ìbéèrè tó hàn kedere sínú rẹ̀. Kó má kọ ọ́ pé ṣé gbogbo ọjà òun ló wà lábẹ́ adójútòfò. Ẹnikẹ́ni lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kó kọ ọ́ báyìí:

«Ìsọ̀ mi wà létí odò. Bí omi bá wọlé tó ba aṣọ jẹ́, ṣé ẹ máa sanwó, ìlà wo nínú ṣẹ́dúùlù ló sì sọ bẹ́ẹ̀? Ìdajì ọjà mi jẹ́ ti ẹlòmíì tí mo ń bá tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀. Mo ń tọ́jú apá kan ọjà sí yàrá kejì, àdírẹ́sì rẹ̀ nìyí. Mi ò ní àpótí irin, ilé ni mò ń gbé ìwé ọjà lọ lálaalẹ́. Ṣé ó tẹ́ wọ́rántì yín lọ́rùn?»

Ìdáhùn tó wúlò ni èyí tó bá dárúkọ ìlà. Bí wọ́n bá gbà láti fi nǹkan kún un, àfikún náà gbọ́dọ̀ hàn nínú ṣẹ́dúùlù tuntun, tàbí nínú ìwé àtúnṣe tó ní nọ́ńbà pọ́lísì rẹ àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlérí orí fóònù kò tó. Bí iléeṣẹ́ náà bá kọ̀ láti bá ọ ru omíyalé, o ti mọ̀ nìyẹn kí owó rẹ tó kúrò lọ́wọ́, o sì lè lọ béèrè lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ míì, tàbí kí o gbé ọjà rẹ sórí pákó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Bí o bá wá rà á, kó ìwé méjèèjì, fọ́ọ̀mù, ímeèlì àti rísíìtì pọ̀, kí o gbé wọn lọ sílé. Kí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ tí kì í wá sọ́jà ní àwòrán wọn lórí fóònù rẹ̀.